Ibi Ìfọkàntán àti Fífi Ojú Ṣí Fóònù: Ohun Tí Ẹ Ń Gbà àti Ohun Tí Ẹ Ń Fi Sílẹ̀

Lọ́jọ́ kan tí mo gba àlejò, mo fi fóònù mi sílẹ̀ lórí tábìlì, mo sì wọ yàrá lọ sinmi díẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó bá wọn wá ti wà nínú àwòrán mi, ó ń fi ìka yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ píìnì mi, kò sì wá a. Ó kàn fi ìka fa ojú fóònù sókè ni, fóònù sì ṣí. Èmi fúnra mi ni mo ti sọ fún fóònù náà, lóṣù díẹ̀ ṣáájú, pé tó bá ti wà nílé, kó má béèrè nǹkan kan mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo ń sọ fún un nìyẹn.

Ọ̀nà méjì tí àwọn èèyàn máa ń gbà fo ẹnu-ọ̀nà fóònù ni mo fẹ́ ṣàlàyé síbí. Èkíní ni ibi ìfọkàntán, níbi tí fóònù kì í ti ara rẹ̀ pa tó bá ti wà ní àdúgbò tí ẹ yàn fún un. Ìkejì ni fífi ojú ṣí i. Àwọn èèyàn máa ń ka méjèèjì sí nǹkan kan náà, torí pé méjèèjì ló ń gbani lọ́wọ́ píìnì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè yàtọ̀. Ojú ń béèrè pé: ta ló mú fóònù yìí dání? Ibi ìfọkàntán ń béèrè pé: níbo ni fóònù yìí wà? Kò béèrè ẹni tó mú un rárá. Ẹni tó bá ti di ìyàtọ̀ yìí mú á mọ ohun tó yẹ kó tàn àti ohun tó yẹ kó pa.

Bí ibi ìfọkàntán ṣe ń ṣiṣẹ́

Orí àwọn fóònù Android ni nǹkan yìí wà. Ó dé pẹ̀lú Android 5.0 ní 2014, Smart Lock sì ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Lórí fóònù tuntun, Extend Unlock lẹ máa rí, àwọn fóònù kan sì ṣì ń lo orúkọ àtijọ́. Orúkọ tuntun yẹn bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù. Láyé àtijọ́, tí ẹ bá kàn gbé fóònù wọlé, ilé fúnra rẹ̀ lè ṣí i. Láti orí Android 10, tó jáde ní 2019, ilé kò lè ṣí fóònù tó ti wà ní títì mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fi píìnì, ìka tàbí ojú ṣí i, lẹ́yìn náà ni ilé á máa jẹ́ kó wà ní ṣíṣí. Tí ẹ bá sì pa fóònù kú tí ẹ tún un tàn, tàbí tí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó fún wákàtí 4, á tún béèrè.

Wákàtí 4 yìí ló yẹ kí ẹ rò dáadáa. Fún ẹni tó ń dá gbé, ó kéré. Fún ẹni tí èèyàn ń wọlé tí wọ́n ń jáde lọ́dọ̀ rẹ̀, ó pọ̀ gan-an, torí gbogbo àkókò yẹn ni fóònù tó wà lórí àga fi ń dúró de ìka ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì tó yẹ ní mímọ̀ ni bí ibi náà ṣe fẹ̀ tó. Google sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ó lè tó mítà 80 yíká. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ nọ́ńbà lásán lójú yín. Ẹ jáde síta, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ máa rìn lọ tààrà, kí ẹ sì ka ìṣísẹ̀ yín. Tí ẹ bá ka bí ọgọ́rùn-ún, ẹ dúró, kí ẹ wẹ̀yìn. Gbogbo ibi tí ẹ gbà kọjá yẹn lè wà nínú ohun tí fóònù ń pè ní ilé yín, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní ẹ̀yìnkùlé, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ògiri kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Lórí máàpù, òbìrípo kan ṣoṣo ló wà, ẹni tó ń gbé lókè yín àti ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ yín sì wà nínú òbìrípo náà pẹ̀lú yín.

Nǹkan kan tún wà. Àmì Wáì-Fáì, àmì netiwọ́ọ̀kì àti sátẹ́láìtì ni fóònù fi ń mọ ibi tó wà, a sì lè fi irinṣẹ́ pàtàkì ṣe ayédèrú irú àmì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ náà lè jẹ́ kí fóònù gbà pé òun ṣì wà nílé. Ní tèmi, èyí kọ́ ló máa ń bà mí lẹ́rù, torí olè tó ní irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó ti wà nínú òbìrípo náà tẹ́lẹ̀, tí kò nílò irinṣẹ́ kankan, ni kí ẹ máa rò.

Kí ẹ tó tàn án

Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó máa ń wà níbi tí ẹ fẹ́ yàn, láàárín wákàtí 4 èyíkéyìí tí fóònù yín lè wà nílẹ̀ láìsí yín níbẹ̀. Ẹ kọ àwọn ará ilé, àwọn ọmọ, àwọn àlejò, àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ nínú ilé, àti àwọn aládùúgbò tí ìlẹ̀kùn wọn kò jìnnà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan pé: ṣé mo lè ṣí fóònù mi fún ẹni yìí, kí n sì jáde lọ fún ìdajì wákàtí? Tí orúkọ kan ṣoṣo bá gba bẹ́ẹ̀ kọ́, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìfọkàntán. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Bó ti wù kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ dára tó, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń yan ẹni tó ń wọlé síbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣètò rẹ̀

Tí orúkọ gbogbo bá yege, ẹ tẹ̀lé e báyìí.

1. Ẹ rí i pé píìnì tàbí páàsìwọ́ọ̀dù wà lórí fóònù, kí píìnì náà sì jẹ́ nọ́ńbà 6 ó kéré tán. Nígbà tí ẹ kò bá ní máa tẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́ mọ́, kò sí ìdí tó fi yẹ kó kúrú.

2. Ẹ tan Location, kí ẹ sì jẹ́ kí Wáì-Fáì wà ní títàn. Wáì-Fáì ló ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tó wà dáadáa nínú ilé, níbi tí àmì sátẹ́láìtì kì í ti lágbára.

3. Ẹ ṣí Settings. Lórí Pixel, ẹ lọ sí Security & privacy, lẹ́yìn náà More security & privacy, lẹ́yìn náà Extend Unlock. Lórí fóònù mìíràn, ọ̀nà lè yàtọ̀, ẹ kàn tẹ Extend Unlock tàbí Smart Lock sínú àpótí ìṣàwárí tó wà lókè Settings. Á béèrè píìnì kó tó jẹ́ kí ẹ wọlé.

4. Ẹ tẹ Trusted places, lẹ́yìn náà Add trusted place. Máàpù á ṣí. Ẹ má kàn gba ibi tó bá gbé yín sí. Ẹ fi ìka méjì fẹ máàpù náà títí tí ẹ máa fi rí òrùlé ilé yín, kí àmì náà sì bọ́ sórí ilé gan-an. Tí ilé púpọ̀ bá ń lo àdírẹ́sì kan náà, máàpù lè fi àmì síbi tó jìnnà sí tiyín.

5. Ẹ wo Home tó wà nínú àkójọ náà. Inú Google Maps ni àdírẹ́sì yẹn ti ń wá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé tí ẹ ti kó kúrò nínú rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ máa rí On-body detection nínú àkójọ Extend Unlock kan náà. Òun máa ń jẹ́ kí fóònù wà ní ṣíṣí níwọ̀n ìgbà tó bá mọ̀ ọ́n lára pé ẹnì kan gbé òun rìn. Ẹ pa á. Kò mọ ara ta ni. Tí ẹnì kan bá já fóònù tó wà ní ṣíṣí gbà lọ́wọ́ yín, tó sì ń sáré lọ, èèyàn ṣì gbé e rìn.

Ẹ wá dán an wò. Ẹ fi píìnì ṣí fóònù nílé, ẹ pa ojú rẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún un tàn. Tí ó bá ṣí nígbà tí ẹ fi ìka fà á sókè láìbéèrè nǹkan kan, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo àmì àgádágodo tó wà ní ẹnu-ọ̀nà: ó máa ń wà ní ṣíṣí ní irú àkókò yìí. Tí ẹ bá tẹ àgádágodo náà, fóònù á tì pa lójú ẹsẹ̀, á sì béèrè píìnì bí ẹ tilẹ̀ wà nílé. Kí títẹ̀ yẹn mọ́ yín lára kí àlejò tó wọlé.

Ẹ tún gbé e jáde. Ẹ máa rìn lọ, kí ẹ máa pa ojú rẹ̀, kí ẹ máa tàn án, kí ẹ sì wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ẹ ṣe é lápá méjì ó kéré tán, torí òbìrípo náà kì í dọ́gba. Ó sì lè gba àkókò díẹ̀ kí fóònù tó mọ̀ pé òun ti kúrò nílé, nítorí náà ẹ má yára rìn.

Tí kò bá wá ṣiṣẹ́ rárá, tó ń béèrè píìnì nílé nígbà gbogbo, ẹ wá Trust agents nínú Settings, kí ẹ wò ó bóyá Extend Unlock wà ní títàn níbẹ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kò ṣiṣẹ́ lọ́la, ọ̀rọ̀ Location tàbí Wáì-Fáì ló sábà máa ń jẹ́.

Ọjọ́ kan pẹ̀lú fóònù ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní àjà kejì nínú ilé alájà mẹ́ta kan. Ìdílé mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì sọ fún mi pé píìnì ti sú òun. Kí n tó sọ nǹkan kan, mo ní kó jẹ́ ká tan ibi ìfọkàntán, ká sì ṣọ́ fóònù náà fún odindi ọjọ́ kan.

Ó fi píìnì ṣí i ní agogo 7 àárọ̀. Títí di ọ̀sán, kò béèrè nǹkan kan mọ́, inú rẹ̀ sì dùn. Nígbà tó di agogo 12 kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ kí aládùúgbò rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo ní kó fi fóònù sórí àga ní gbàgede, kó bá mi dé ẹnu géètì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún, a padà wá, mo fi ìka mi fà á sókè, ó ṣí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí òun àti dókítà rẹ̀ jọ sọ ló kọ́kọ́ jáde lójú fóònù, torí ibẹ̀ ló ti ń kà á. Ẹnu yà á. Ó ní, "Ṣùgbọ́n a kò sí nínú ilé mi mọ́." Mo ní, "Lójú fóònù, gbogbo ilé yìí ni ilé yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jáde lọ, ó sì padà wọlé. Ó retí pé fóònù á ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tó bá dé yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó béèrè píìnì. Kò bàjẹ́ o: ó ti tì pa lóde, ilé kò sì lè ṣí i, bí mo ṣe ṣàlàyé lókè. Lẹ́yìn ìyẹn, ó sùn ní agogo 11 alẹ́, ó jí ní 5 ìdájí, ó tún béèrè, nítorí wákàtí 4 ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

A wá jókòó wo ohun tó jèrè. Ó bọ́ lọ́wọ́ píìnì láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ohun tó fi sílẹ̀ ni pé ìdílé márùn-ún mìíràn lè ṣí fóònù rẹ̀. Nígbà tí fóònù bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ náà wà níwájú fóònù. Fífi ojú ṣí i á gbà á lọ́wọ́ píìnì kan náà láìfi àwọn aládùúgbò sí i. A pa ibi ìfọkàntán, a sì tan ti ojú. Ká ní ó ń dá gbé nínú ilé tó dá dúró, tí ilé mìíràn jìnnà sí i, mi ò ní sọ fún un pé kó pa á.

Ti ojú náà ní tirẹ̀

Gbogbo ojú tí fóònù ń wò kọ́ ló ń wò bákan náà. Àwọn fóònù kan ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí sójú yín, wọ́n sì ń fi í wọn bí imú ṣe yọ àti bí ihò ojú ṣe jìn tó. Bí iPhone ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà iPhone X ní 2017: àmì ìmọ́lẹ̀ tó lé ní 30,000 ló ń tàn sójú. Apple ní ẹnì kan nínú mílíọ̀nù kan ni ojú rẹ̀ lè bá tiyín dọ́gba tó fi máa ṣí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí kò kan ìbejì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó jọra, tàbí ọmọdé. Púpọ̀ nínú àwọn fóònù Android kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà tí ẹ fi ń ya ara yín ni wọ́n ń lò, àwòrán pẹlẹbẹ sì ni ohun tó ń rí. Ní 2019, Consumentenbond, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà ní orílẹ̀-èdè Netherlands, gbé fọ́tò síwájú fóònù 110. Méjìlélógójì nínú wọn ló ṣí.

Android fúnra rẹ̀ pín wọn sí ìpele mẹ́ta. Ìpele 3 ló lágbára jù: nígbà ìdánwò, ojú ayédèrú kò gbọdọ̀ yege ju ìgbà 7 nínú 100 lọ. Ìpele 1 ni èyí tí ayédèrú ń yege nínú rẹ̀ ju ìgbà 20 lọ nínú 100. Ẹnu-ọ̀nà nìkan ni ìpele 1 lè ṣí, áàpù kankan kò gbọ́dọ̀ gbára lé e. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ tiyín. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, kí ẹ wo ohun tó ń fún yín láti fi wọlé. Tó bá gba ìka yín ṣùgbọ́n tí kò dárúkọ ojú rárá nígbà tí ojú ti wà ní títàn lórí fóònù, ó ṣeé ṣe kí ojú fóònù yín jẹ́ aláìlágbára. Àwọn Pixel fi í hàn kedere: ojú Pixel 7 kò lè sanwó, ti Pixel 8 lè ṣe é.

Ẹ má fi mọ síbẹ̀, ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ ṣí fọ́tò ojú yín tó mọ́ dáadáa lórí fóònù mìíràn, kí ẹ gbé e síwájú tiyín níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá, lóríṣiríṣi ìjìnnà. Ẹ pe àbúrò tàbí ọmọ tó jọ yín jù, kí òun náà wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ di ojú yín, kí ẹnì kan gbé fóònù sókè ojú yín. Tí fọ́tò bá ṣí i, ẹ pa fífi ojú ṣí i, kí ẹ máa lo ìka. Mi ò rí ìdí kankan láti fi irú ojú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, torí fọ́tò yín wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó mọ̀ yín.

Tó bá jẹ́ pé ojú dídì ló ṣí i, àtúnṣe wà. Lórí Samsung, Require open eyes ni ẹ máa tàn. Lórí Pixel, ẹ wá irú ọ̀rọ̀ kan náà ní abẹ́ Face Unlock. Ẹni tó ń bá èèyàn sùn nínú yàrá kan náà kò gbọ́dọ̀ fi èyí sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Skip lock screen lórí Pixel. Ti Samsung ń jẹ́ Stay on Lock screen, òdìkejì rẹ̀ sì ni. Tí ẹ bá jẹ́ kí fóònù fo ẹnu-ọ̀nà, á ṣí pátápátá ní kété tó bá ti rí ojú yín, ì báà jẹ́ aago lẹ kàn fẹ́ wò. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á rí ohun tí ẹ ń kà kẹ́yìn. Tí ẹ bá ní kó dúró, ojú yín á ti ṣí àgádágodo, ṣùgbọ́n ìka yín ló máa fà á sókè kó tó wọlé. Mo fi tèmi sí kó dúró. Fífi ìka fà á lẹ́ẹ̀kan kò wọ̀ mí lọ́rùn, mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo pinnu ìgbà tó máa ṣí.

Ẹ máa rí i pé fóònù á ṣì máa béèrè píìnì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú aláìlágbára gbọ́dọ̀ gba píìnì lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 24, ó tún gbọ́dọ̀ gbà á tí fóònù bá ti dùbúlẹ̀ fún wákàtí 4. Ìpele 3 lè tó wákàtí 72. Tí ẹ kò bá tẹ píìnì yín fún ọjọ́ pípẹ́, ó rọrùn láti gbàgbé rẹ̀, ẹni tó bá sì gbàgbé rẹ̀ lè pàdánù gbogbo ohun tó wà nínú fóònù. Ẹ jẹ́ kó máa béèrè.

Àwọn ìlẹ̀kùn inú, àti Lockdown

Ẹnu-ọ̀nà nìkan ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí ń ṣí. Áàpù tí owó wà nínú rẹ̀ àti áàpù tí ẹ kó páàsìwọ́ọ̀dù pamọ́ sí gbọ́dọ̀ ní títì tiwọn, kí píìnì wọn má sì bá ti fóònù dọ́gba. Áàpù ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ náà, bíi WhatsApp, ní App lock nínú Privacy rẹ̀. Tí ẹ bá ń lo ibi ìfọkàntán, ẹ má ṣe fi èyí sílẹ̀. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi ti tì tirẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ òun àti dókítà rẹ̀ kì bá tí jáde lójú fóònù ní gbàgede.

Ìgbà mìíràn á wà tí ẹ kò ní fẹ́ kí ojú yín ṣí ohunkóhun: tí ẹ fẹ́ sùn nínú ọkọ̀ láàárín àwọn tí ẹ kò mọ̀, tàbí níbi tí ẹnì kan lè fi ipá gbé fóònù síwájú ojú yín. Láti orí Android 9 ni Lockdown ti wà fún èyí. Ẹ ṣí àkójọ tí ẹ fi ń pa fóònù kú, kí ẹ tẹ Lockdown. Lójú ẹsẹ̀, ojú, ìka àti ibi ìfọkàntán á dákẹ́, ìfitónilétí kò ní hàn ní ẹnu-ọ̀nà mọ́, píìnì tàbí páàsìwọ́ọ̀dù nìkan ló sì máa ṣí i. Lórí Samsung, ẹ ní láti kọ́kọ́ tan Show Lockdown option nínú Secure lock settings. Lórí iPhone, ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ mọ́ bọ́tìnnì ohùn kan títí tí ojú ìpafóònù á fi jáde. Ìyẹn ti tó láti pa Face ID, ìyẹn fífi ojú ṣí iPhone, tì títí tí ẹ máa fi tẹ páàsìkóòdù. Ẹ dán èyí wò nílé lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láìwo fóònù, pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò, kí ìka yín mọ ọ̀nà. Tí ẹ bá ti fi píìnì ṣí i lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn náà, ojú, ìka àti ibi ìfọkàntán á tún padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ kò ní láti ṣètò ohunkóhun lákọ̀tun.